Ta Ló Buwọ́ Lùwé? Ìgbà Tí Ilé-Iṣẹ́ Ìyá Máa Ń San Gbèsè Ilé-Iṣẹ́ Ọmọ

Ká ní obìnrin kan ń ṣe páálí tí wọ́n ń kó ọjà sí ní Olúyọ̀lé n'Íbàdàn. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọṣẹ wá bá a pé kó máa kó páálí wá fáwọn láwìn, àwọn á máa san owó rẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́ta ọjọ́. Obìnrin yìí ò gbọ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ náà rí, àmọ́ ó mọ orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sẹ́nu géètì wọn. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan l'Ékòó ni, èyí tí wọ́n ń polówó rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Mọ́tò tó wá gbé páálí, àmì ilé-iṣẹ́ ńlá yẹn ló wà lára rẹ̀. Obìnrin náà ní irú àwọn wọ̀nyí ò lè jẹni lówó sá lọ. Ó kó ọjà fún wọn títí owó tó wà nílẹ̀ fi di ₦48,000,000.

Ni ilé-iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ bá kógbá sílé. Obìnrin náà gba Èkó lọ, ó kó ínfọ́ìsì dání. Ọkùnrin tó ń ṣírò owó ní ilé-iṣẹ́ ńlá yẹn gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo òkè ìwé, ó ní, "Mà, ẹ má bínú o, àwa kọ́ lẹ tajà fún."

Ohun tó sọ yẹn bá òfin mu, bó ti wù kó dunni tó. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ti di ènìyàn kan lójú òfin. Ó lè ní ilẹ̀, ó lè peni lẹ́jọ́, ó sì lè jẹ gbèsè. Gbèsè tó bá jẹ, tirẹ̀ nìkan ni. Ẹni tó ní ìpín nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ èèyàn bíi tèmi tiyín tàbí ilé-iṣẹ́ mìíràn, owó tó fi ra ìpín yẹn nìkan ló lè bá a lọ. Láyé àtijọ́, bí onígbèsè ò bá rówó san, ẹni tó jẹ ní gbèsè lè rán ológò lọ dógò tì í, kó jókòó sínú agbo ilé, kó máa da ilé rú títí àwọn mọ̀lẹ́bí á fi dáwó jọ. Òfin ilé-iṣẹ́ ò mọ mọ̀lẹ́bí. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé.

Ẹjọ́ tó fi èyí múlẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Aron Salomon ń ṣe bàtà aláwọ ní Whitechapel nílùú London. Ní 1892, ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ di ilé-iṣẹ́ aforúkọsílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ àti márùn-ún nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìpín ẹyọ kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìyókù jẹ́ tirẹ̀. Nínú owó tí ilé-iṣẹ́ náà jẹ ẹ́ fún okòwò tó tà fún un, ó ní kí wọ́n kọ £10,000 sílẹ̀ bíi gbèsè tí dúkìá ilé-iṣẹ́ dúró gẹ́gẹ́ bí ìdógò fún. Kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà fi dẹnu kọlẹ̀. Wọ́n ní Salomon àti ilé-iṣẹ́ yìí, ọ̀kan náà ni, kó fi owó ara rẹ̀ san gbèsè àwọn olùtajà. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní rárá ní 1896: ilé-iṣẹ́ lọ̀tọ̀, Salomon lọ̀tọ̀, àti pé nítorí ìdógò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló máa gba tirẹ̀ ṣáájú àwọn tó tajà láwìn. Orí ìlànà yìí náà ni òfin ilé-iṣẹ́ tiwa, CAMA 2020, dúró lé.

Ilé-iṣẹ́ ìyá ni èyí tó ní ju ìdajì ìpín ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ, tàbí tó ní ìpín níbẹ̀ tó sì ní agbára láti yan àwọn tó máa jókòó nínú ìgbìmọ̀ olùdarí rẹ̀. Nínú ìtàn wa, ilé-iṣẹ́ ńlá Èkó ni ìyá, ilé-iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ ni ọmọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ẹni tó láṣẹ ló máa san gbèsè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá lè ní gbogbo ìpín ọmọ pátá, kí wọ́n jọ máa lo ọ́fíìsì kan náà, kí ọ̀gá kan náà máa darí wọn, síbẹ̀ gbèsè ọmọ ò di tìyá. Nínú ẹjọ́ Union Beverages àti Pepsi-Cola International ní 1994, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà sọ ọ́ kedere: pé ìgbìmọ̀ olùdarí ọmọ ń gba àṣẹ lẹ́nu ìyá lórí bó ṣe máa ṣiṣẹ́ ò tó láti sọ ọmọ di aṣojú ìyá.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ oníṣòwò páálí wa, ká wo bí owó rẹ̀ ṣe máa rí. Wọ́n yan ẹni tó máa tú ilé-iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ ká, ó ta ẹ̀rọ àti ọjà tó kù, ó rí ₦70,000,000. Bánkì ti gba ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ní ìdógò tẹ́lẹ̀, ó kó ₦52,000,000 lọ lórí ìjókòó. Owó iṣẹ́ ẹni tó ń tú ilé-iṣẹ́ ká, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ àti owó orí gba ₦10,000,000. Ó ku ₦8,000,000 fún gbogbo àwọn tí kò ní ìdógò, gbèsè tiwọn sì jẹ́ ₦160,000,000 lápapọ̀. Kọ́bọ̀ márùn-ún lórí náírà kan nìyẹn. Obìnrin náà gba ₦2,400,000.

Ohun tó máa dùn ún jù ṣì ń bọ̀. Nínú ₦160,000,000 yẹn, ₦80,000,000 jẹ́ owó tí ilé-iṣẹ́ ìyá fúnra rẹ̀ yá ọmọ rẹ̀. Ìyá náà tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn olówó yòókù, ó sì gba ₦4,000,000. Ọmọ tí ò jẹ́ kí ìyá san gbèsè ni ìyá tún ń gba gbèsè lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí màgòmágó kankan níbẹ̀, ohun tí Salomon ṣe náà ni. Ká ní ìyá ti gba ìdógò bíi bánkì ni, owó tó máa kù fún oníṣòwò páálí ì bá má tó èyí gan-an.

Kí ló lè gba obìnrin náà sílẹ̀? Ìwé ìdúró. Kí ilé-iṣẹ́ ìyá kọ ọ́ sílẹ̀, kó buwọ́ lù ú, pé bí ọmọ ò bá san, èmi máa san. Ìyá ti di onídùúró nìyẹn. Ẹnu lásán ò tó. Ọ̀gá àgbà tó bọ̀ yín lọ́wọ́ níbi àsè tó ní "ẹ fọkàn balẹ̀, a wà lẹ́yìn wọn" ò tíì dúró fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ìwé tí mo ti kà tó dà bí ìwé ìdúró tí kò sì jẹ́ nǹkan kan pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọmọ buwọ́ lu ìwé lórúkọ ilé-iṣẹ́ ìyá. Ọmọ ò lè fi ìyá rẹ̀ ṣe onídùúró. Àwọn tó láṣẹ láti buwọ́ lùwé fún ìyá ló gbọ́dọ̀ ṣe é, ó sì dáa kéèyàn béèrè ìwé ìpinnu tí ìgbìmọ̀ olùdarí ìyá ṣe lórí rẹ̀. Orúkọ àti nọ́ńbà RC tí CAC fún ilé-iṣẹ́, èyí tó wà nínú ìwé náà, gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìyá gan-an, torí pé nínú ọ̀wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, orúkọ mẹ́rin lè jọra bí ìbejì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo iye owó àti àkókò. Ìwé tó bá ní "a dúró fún owó ọjà tí ẹ kó wá ní oṣù Kẹta" ti parí iṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá ti san owó oṣù Kẹta. Ẹni tó bá ń kó ọjà lóṣooṣù nílò ìdúró tó ń bá a lọ, èyí tó máa borí gbogbo gbèsè tó bá wà nílẹ̀ nígbàkigbà, títí dé iye kan tí wọ́n dárúkọ, pẹ̀lú èlé àti owó lọ́yà. Ó sì sàn kó wà níbẹ̀ pé wọ́n máa san bí ẹ bá ti fi ìwé béèrè, láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ pe ọmọ lẹ́jọ́.

Àmọ́ ohun tó máa ń tú ìdúró ká jù ni àyípadà tí wọ́n ṣe lẹ́yìn onídùúró. Ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1878, Holme àti Brunskill. Ọkùnrin kan dúró fún àgbẹ̀ tó háyà oko pẹ̀lú àgùntàn 700, pé bí háyà bá parí, àgùntàn yẹn á padà ní pípé, ara wọn á sì le. Nígbà tó yá, onílẹ̀ àti àgbẹ̀ jọ ṣe àdéhùn pé kí àgbẹ̀ dá pápá kan padà, wọ́n sì dín £10 kù nínú owó háyà ọdún kan. Wọn ò sọ fún onídùúró. Ìgbà tí àgùntàn ò pé mọ́, wọ́n lọ bá a. Kọ́ọ̀tù ní kó máa bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ní bó bá hàn gbangba pé àyípadà ò lè pa onídùúró lára, ìyẹn lè kọjá. Bí kò bá hàn gbangba, onídùúró fúnra rẹ̀ ló ní ẹ̀tọ́ láti pinnu bóyá ó gbà tàbí kò gbà.

Ẹ wá gbé èyí wá sí Olúyọ̀lé. Ilé-iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọgọ́ta ọjọ́ di ọgọ́fà." Màmá ṣojú àánú, wọ́n kọ àdéhùn tuntun, wọ́n buwọ́ lù ú. Àánú yẹn lè tú ìyá sílẹ̀ pátápátá. Ìdí nìyẹn tí àwọn bánkì fi ń kọ ìpínrọ̀ gígùn kan sínú ìwé ìdúró tiwọn pé onídùúró ti gbà ṣáájú, bí wọ́n bá fún onígbèsè láyè sí i tàbí tí wọ́n yí àdéhùn padà. Bí kò bá sí irú ìpínrọ̀ yẹn nínú tiyín, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ìyá nígbàkigbà tí nǹkan bá yí.

Ilé-iṣẹ́ ìyá tí kò fẹ́ dúró máa ń gbé nǹkan mìíràn wá, ìyẹn lẹ́tà ìfinilọ́kànbalẹ̀. Ó máa ń dùn ún kà. Lẹ́tà kan báyìí ló wà nídìí ẹjọ́ tí bánkì Kleinwort Benson bá Malaysia Mining Corporation ṣe. Ilé-iṣẹ́ Màléṣíà yìí ní ọmọ kan tó ń ta táńganran ní London, MMC Metals. Bánkì fẹ́ yá ọmọ náà lówó, ó ní kí ìyá wá dúró. Ìyá kọ̀, ó ní lẹ́tà lòun lè fún wọn. Bánkì gba lẹ́tà, àmọ́ ó bu díẹ̀ lé owó tó ń gbà lórí yíyá náà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Gbólóhùn tó ṣe pàtàkì jù nínú lẹ́tà náà ò ju báyìí lọ: ìlànà wa ni láti rí i pé iṣẹ́ MMC Metals wà nígbà gbogbo ní ipò tó fi lè san gbèsè rẹ̀ fún yín. Ní oṣù Kẹwàá 1985, ọjà táńganran dojú dé. Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu, MMC Metals ò lè san £10 mílíọ̀nù tó jẹ. Bánkì kọjú sí ìyá. Adájọ́ àkọ́kọ́ dá bánkì láre, àmọ́ ní 1989 ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà. Wọ́n ní "ìlànà wa ni" ń sọ ohun tó wà lọ́kàn ìyá lọ́jọ́ tó kọ lẹ́tà, òótọ́ sì ni lọ́jọ́ yẹn. Kò ṣèlérí pé ìlànà náà ò ní yí padà lọ́la. Nínú lẹ́tà kan náà, ìyá sọ pé òun ò ní dín owó òun nínú MMC Metals kù títí wọ́n á fi san gbèsè tán. Ìlérí lèyí ní tirẹ̀. Ìyá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣèlérí, kò kàn ṣe é lórí gbèsè ni. Bánkì náà mọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ló fi kówó lé e?

Bí lẹ́tà irú èyí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ wá ọ̀rọ̀ ìṣe inú rẹ̀. "A máa san" yàtọ̀ sí "a mọ̀ nípa gbèsè yìí", ó yàtọ̀ sí "a fọwọ́ sí iṣẹ́ wọn", ó sì yàtọ̀ sí "àṣà wa ni".

Ìdúró tún wà tó kan gbogbo ẹbí, èyí tí bánkì fẹ́ràn jù. Ká ní ìyá Èkó yìí ní ọmọ mẹ́ta: ọlọ́ṣẹ, onímọ́tò tó ń kẹ́rù, àti ẹni tó ń fún epo. Bánkì yá elépo ní ₦300,000,000, ó ní kí gbogbo wọn, ìyá tọmọ, buwọ́ lùwé pé àwọn dúró fún ara àwọn. Ọ̀pọ̀ rò pé kálukú máa san ìdá tirẹ̀. Rárá o. Bánkì lè bá ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn gba gbogbo ₦300,000,000. Ẹni tó bá san ló máa lọ máa lé àwọn yòókù kiri, nígbà yẹn kì í sábà sí nǹkan kan lọ́wọ́ wọn mọ́.

Èyí kan oníṣòwò páálí ju bó ṣe rò lọ. Ọlọ́ṣẹ lè máa tajà dáadáa, kó máa jèrè, kí elépo wá ṣubú lulẹ̀, kí bánkì sì yíjú sí ọlọ́ṣẹ. Obìnrin náà ò mọ elépo rí, àmọ́ gbèsè elépo ló máa gbé owó páálí rẹ̀ mì. Báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀ ṣáájú? Ní CAC, ẹ lè béèrè àwọn ìdógò tó wà lórí dúkìá ilé-iṣẹ́ kan, torí pé òfin ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ìdúró tí kò ní ìdógò lẹ́yìn ò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Ìwé ìṣirò owó ọdọọdún tí àwọn aṣàyẹ̀wò owó buwọ́ lù ló ti lè jáde, ní ẹ̀yìn níbi àlàyé kéékèèké, níbi tí wọ́n ti ń to gbèsè tó lè wáyé àmọ́ tí kò tíì wáyé. Ẹ béèrè ìwé náà. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ₦48,000,000 láwìn tí kò fẹ́ fi ìwé owó hàn ti dá yín lóhùn.

Ó ku ibi tí ìyá ti lè jìyà láìjẹ́ pé ó buwọ́ lu ohunkóhun. Ibẹ̀ kéré ju bí àwọn lọ́yà orí ìkànnì ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Cape Industries, ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ní ọmọ ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní London gbà pé wọ́n to ọ̀wọ́ ilé-iṣẹ́ náà lọ́nà tí gbèsè Amẹ́ríkà ò fi ní dé ọ̀dọ̀ ìyá, bẹ́ẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí eruku asbẹ́sítọ́ọ̀sì bà lára jẹ́ ló ń béèrè owó. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ ìyá ni láti tò ó bẹ́ẹ̀. Ní 2013, nínú ẹjọ́ tí Ìyáàfin Prest pe Petrodel, ilé-iṣẹ́ epo tí ọkọ rẹ̀ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà ń darí, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Bìrìtéènì ní àwọn lè fa aṣọ ilé-iṣẹ́ ya, kí àwọn mú ẹni tó sá pa mọ́ sẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni náà bá ti jẹ gbèsè tàbí tí òfin ti dè é tán, tó wá fi ilé-iṣẹ́ bojú láti sá fún un. Ìyáàfin náà rí àwọn ilé gbà, àmọ́ ọ̀nà mìíràn ló gbà rí wọn: wọ́n ní ọkọ ló ni ilé, ilé-iṣẹ́ kàn ń bá a dì í mú ni.

Ẹ wo ìlà àkókò níbẹ̀. Bí gbèsè bá ti wà kí wọ́n tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ láti sá, kọ́ọ̀tù lè gbọ́. Bí wọ́n bá ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́, tí gbèsè wá bá a níbẹ̀, kọ́ọ̀tù ò ní gbọ́. Jìbìtì tún wà: CAMA fún kọ́ọ̀tù lágbára láti mú ẹnikẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ kópa nínú fífi ilé-iṣẹ́ lu olówó ní jìbìtì pé kó fọwọ́ ara rẹ̀ san. Bí lẹ́tà bá wà tí ìyá ti pàṣẹ fún ọmọ pé kó máa gba páálí láwìn lọ, nígbà tí wọ́n ti jọ pinnu láti kógbá sílé, lẹ́tà yẹn tó gbé lọ sí kọ́ọ̀tù.

Ọ̀nà kejì ni kí ìyá fúnra rẹ̀ ṣẹ̀. Àwọn ará Ogale àti Bille ní ìpínlẹ̀ Rivers pe Royal Dutch Shell lẹ́jọ́ ní London pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ní Nàìjíríà lórí epo tó ba ilẹ̀ àti omi wọn jẹ́. Ní February 2021, ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ní kí ẹjọ́ náà máa lọ, torí pé ó ṣeé jiyàn lé lórí pé ìyá ti tọwọ́ bọ ìtọ́jú ọ̀nà epo náà débi tó fi yẹ kó ṣọ́ra fún àwọn ará ìlú. Ní oṣù tó ṣáájú, kọ́ọ̀tù kan ní The Hague ti ní Shell tó jẹ́ ìyá náà lẹ́bi lọ́nà kan, lórí ẹ̀rọ tó yẹ kó máa tètè fi epo tó ń jò hàn ní Oruma. Àwọn kan ń fi ẹjọ́ wọ̀nyí halẹ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ ìyá lórí gbèsè ọjà. Kò bá a mu. Ìpalára ni tibẹ̀, kì í ṣe owó ọjà, ẹ̀ṣẹ̀ ìyá fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣèwádìí.

Nítorí náà, bí gbèsè bá ti wà nílẹ̀ tí kò sí ìwé ìdúró, ẹ má fi oṣù mẹ́fà kọ lẹ́tà sí Èkó. CAMA gba olówó láyè láti fi ìwé béèrè gbèsè tó bá ju ₦200,000 lọ ní ọ́fíìsì tí ilé-iṣẹ́ onígbèsè fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí kò san, tí kò sì ṣe ètò kankan tó tẹ́ olówó lọ́rùn, òfin kà á sí ilé-iṣẹ́ tí kò lè san gbèsè mọ́, ẹ sì lè ní kí kọ́ọ̀tù tú u ká. Orúkọ ọlọ́ṣẹ ló gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé yẹn, pẹ̀lú àdírẹ́sì tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìyá tí kò jẹ gbèsè kan lábẹ́ òfin máa ń wá owó jáde nígbà yẹn, torí pé wọn ò fẹ́ kí bánkì tó yá wọn lówó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn ká. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn owó yíyá, ìyẹn nìkan tó fún bánkì láti ní kí wọ́n dá gbogbo owó òun padà.